Kí Ẹ Tó Kúrò Níbi Iṣẹ́: Ìdágbére Tí Kò Ní Kó Onídùúró Sí Wàhálà

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa, fún gbogbo ọmọ ilé ní Mowé, Ìbafò àti Ìfọ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi

  Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń dágbére fún àwọn tó bá ṣiṣẹ́ nígbà tó bá fẹ́ lọ. Ẹlòmíì lè sọ pé kí ló wà nínú ìyẹn, ṣebí “ó dàbọ̀” náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ló rí iṣẹ́ tá à ń ṣe nítorí pé àgbàlagbà kan bá wa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù onídùúró. Yálà ilé búrẹ́dì ni o, tàbí ilé omi inú ọ̀rá, tàbí ilé ìkẹ́rùsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Èkó sí Ìbàdàn, tàbí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà lọ́nà Ọ̀tà àti Àgbárá, àwọn tó ń béèrè onídùúró pọ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn máa ń gba àwòrán onídùúró, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí òṣìṣẹ́ bá kó ẹrù ilé iṣẹ́ lọ, onídùúró ló máa wá a jáde tàbí kó dá nǹkan náà padà.

Ẹ wá wò ó. Lọ́jọ́ tí ọmọ wa kan bá jáde nínú gúrúùpù Wásáàpù ibi iṣẹ́ lóru, tó sì pa fóònù rẹ̀, ta ni ọ̀gá máa pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Bàbá tó buwọ́ lùwé ni. Ọmọ náà lè má jí nǹkan kan rárá. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tó dáa ju ìyẹn lọ ló rí l'Ékòó, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, òun nìkan ló mọ àwọn tó jẹ gbèsè, fáìlì sì ṣófo. Lójú ẹni tó wà níbi iṣẹ́, ẹni tó lọ láìsọ̀rọ̀ àti ẹni tó jalè sá lọ, ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ ilé tó bá tún lọ béèrè iṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á bi í pé, “Ṣé ìlú kan náà ni ìwọ àti ẹni àná ti wá?”

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ ìdágbére kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Ẹ̀rí ni. Ó ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ dáhùn: Ọjọ́ wo lò ń lọ? Ta ni iṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Níbo la ti lè rí ẹ, lórí kí ni?

Ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ gbọ́

Ẹ má jẹ́ kí gúrúùpù gbọ́ kí ọ̀gá tó gbọ́. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló ṣáájú, ọ̀gá la sì máa fún. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 11, sọ iye ọjọ́ tó yẹ kéèyàn fi ṣe nótíìsì bí òun àti ilé iṣẹ́ ò bá jọ fọwọ́ sí ohun mìíràn. Bí o ò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan ni. Bó bá lé ní oṣù mẹ́ta àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Láti ọdún méjì títí dìgbà tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ọdún márùn-ún lọ sókè, oṣù kan. Nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Òfin yẹn, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló dìídì ń bá wí, nítorí náà, ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ dáadáa. Bí lẹ́tà tìrẹ bá ní oṣù kan, oṣù kan ni. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ ọ̀gá ni kíkà bẹ̀rẹ̀, torí náà jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ, kí wọ́n sì kọ déètì sí i. Ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹnì kan bá sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé o sá lọ, òun lo máa fi hàn án.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹyọ kan

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó o, àpèjúwe ni. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbafò ló wà, òun ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀, òun náà ló ń kó búrẹ́dì fún àwọn alágbàtà láàárọ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́ta. Ó kọ lẹ́tà, ó fún ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá sì yan ẹni tó máa gba ipò rẹ̀.

Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Lójú àwọn tó ń wò ó láti ìta, kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ọjà ni. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, á rí i pé nǹkan mẹ́rin ni: ẹrù tó wà nílẹ̀, gbèsè tó wà níta, ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí, àti àwọn nǹkan tó wà nínú fóònù.

Ẹrù ló kọ́kọ́ ṣe. Òun àti ẹni tó ń gbapò jọ wọ sítọ́ọ̀, wọ́n jọ kà á. Kì í ṣe pé kó ka ìwé fún un kó wá máa mi orí. Ìwé sọ pé àpò fúláwà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà. Wọ́n kà á, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n bá. Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí o. Bó bá jẹ́ pé ó ti lọ ni wọ́n tó kà á, àpò kan yẹn ti di olè nìyẹn. Nítorí pé ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n wo ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rí i pé ẹ̀ka wọn tó wà ní Mowé ló yá àpò kan, kò tíì dá a padà. Wọ́n pe ẹ̀ka náà níṣojú ọ̀gá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kíréètì náà, ìwé ní ọgọ́jọ, ìyẹn 160. Wọ́n bá 131 nílẹ̀. Àwọn alágbàtà ló ní 29 lọ́wọ́, orúkọ kálukú sì wà níbẹ̀. Ó pé.

Lẹ́yìn náà ló wá kan gbèsè. Alágbàtà mẹ́ta ló jẹ àwìn: ọ̀kan jẹ ₦48,500, èkejì jẹ ₦21,000, ẹ̀kẹta jẹ ₦9,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦79,000. Ọmọbìnrin yìí ò kàn kọ iye yẹn kó sì lọ. Ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí ẹni tó ń gbapò wà níbẹ̀, ó ní, “Màmá, iye tó kù lọ́wọ́ yín nìyí, ọwọ́ arákùnrin yìí lẹ máa san án sí láti ọjọ́ Ajé.” Bí wọ́n bá máa jiyàn, kí wọ́n jiyàn nígbà tí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ ṣì wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí ló tẹ̀ lé e. Ó kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan: ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ohun tó kù, ọjọ́ tó yẹ kó parí. “Ẹni tó ń tún ààrò ṣe máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ti san ìdajì owó rẹ̀, rìsíìtì wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé.” Ìlà kan bẹ́ẹ̀ lè gba ẹni tuntun lọ́wọ́ ìpè fóònù mẹ́wàá.

Àwọn mẹ́ta ló buwọ́ lu ìwé náà: ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń gbapò, àti ọ̀gá. Wọ́n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ó ya fọ́tò tìrẹ̀, ó sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí onídùúró rẹ̀. Mo tún un sọ: kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí onídùúró yín. Àwọn bàbá wa ò béèrè, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni ààbò wọn.

Àwọn nǹkan tó wà nínú fóònù

Ibí ni àwa ọ̀dọ́ ti máa ń gbàgbé jù. Bí ìwọ nìkan bá ni ádímíìnì gúrúùpù ibi iṣẹ́, tó o sì jáde, Wásáàpù fúnra rẹ̀ ló máa mú ẹnì kan ṣáá nínú gúrúùpù láti rọ́pò rẹ. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà tí wọ́n fi kún gúrúùpù lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Nítorí náà, kó o tó jáde, tẹ orúkọ ẹni tí ọ̀gá yàn nínú gúrúùpù náà, kó o sì yan `Make group admin`. Tó o bá ti ṣí Wásáàpù tìrẹ sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, lọ sí `Linked devices` lórí fóònù rẹ kó o yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹlòmíì má bàa máa ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn tó o ti lọ.

Síìmù tún wà. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké máa ń ní kí òṣìṣẹ́ ra síìmù tí wọ́n á fi máa gba ìpè oníbàárà, orúkọ òṣìṣẹ́ yẹn àti NIN rẹ̀ ni wọ́n sì fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀. Láti ìparí ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n so síìmù mọ́ NIN, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà yẹn ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Má fi síìmù sórí tábìlì kó o wá máa lọ. Kí ìwọ àti ẹni tí ilé iṣẹ́ yàn jọ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ̀kì náà, kí wọ́n yí i sí orúkọ ẹlòmíì. Ó lè gbà yín ní odidi àárọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó sàn ju àtilọ ṣàlàyé ní tẹ́ṣàn lọ.

Àkáńtì ló kẹ́yìn. Ibi iṣẹ́ míì wà tó jẹ́ pé àkáńtì òṣìṣẹ́ ni oníbàárà ń ṣe tiránsífà sí. Kò dáa rárá, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Oníbàárà ti tọ́jú nọ́ńbà àkáńtì rẹ sínú áàpù báńkì rẹ̀, ó sì lè máa sanwó síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó o ti lọ. Owó yẹn á wọlé sí ọ lọ́wọ́, wọ́n á sì ní o gbé e. Nítorí náà, ìdágbére rẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ketekete pé kẹ́nikẹ́ni má sanwó síbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o má ṣe kó nọ́ńbà àwọn oníbàárà lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Ilé iṣẹ́ ni àwọn èèyàn yẹn fún ní nọ́ńbà wọn, kì í ṣe ìwọ.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére fúnra rẹ̀

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó kan ohun tá a máa kọ sínú gúrúùpù. Ìgbà wo la máa fi ránṣẹ́? Ọjọ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lùwé, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè lè rí ọ bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bó o bá fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àwọn èèyàn á ti máa fojú àlejò wò ọ́. Bó o bá sì fi ránṣẹ́ ní agogo mọ́kànlá alẹ́ kó o tó jáde, bí ẹni tó sá lọ ló rí.

Ohun tí ọmọbìnrin wa kọ nìyí. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí àlàfo, orúkọ tàbí nọ́ńbà gidi ló máa wà níbẹ̀.

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Òní ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ tí mo máa lò kẹ́yìn níbí. Láti ọjọ́ Ajé, Bọ̀dá … ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀, àwọn náà ló ń kó búrẹ́dì fún àwọn alágbàtà. A ti jọ ka ẹrù, a ti buwọ́ lùwé, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ wọn. Gbèsè àwọn alágbàtà mẹ́ta wà nínú ìwé, àwọn tọ́rọ̀ kàn sì ti mọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ààrò tí wọ́n ń bọ̀ wá tún ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá … ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó kankan ránṣẹ́ sí àkáńtì mi mọ́, àkáńtì ilé iṣẹ́ nìkan ni o. Bí ohun kan bá rú yín lójú nípa ohun tí mo fi sílẹ̀, ẹ pè mí lórí … láàárín agogo mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́, títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ láti kí mi ni, ìgbàkigbà ni. Ímeèlì mi ni … . Màmá ìdáná, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ fúláwà tó ti gba omi. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ṣeun gbogbo àárọ̀ tẹ́ ẹ fi dúró dè mí. Ó dàbọ̀ o.”

Kò gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Kò sọ pé “gbogbo nǹkan wà létòlétò.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀, torí pé ẹni tó da gbogbo nǹkan rú náà lè sọ ọ́. Ohun tó ń fini lọ́kàn balẹ̀ ni orúkọ: ẹni báyìí ló ni èyí, ẹni báyìí ló ni tọ̀hún. Ọpẹ́ rẹ̀ náà ní orúkọ àti ìdí nínú, nítorí náà ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun ló ń bá wí.

Ẹ tún wo bó ṣe fún wọn ní nọ́ńbà. Kò ní “mo wà fún yín nígbàkigbà.” Bó o bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pè ọ́ láago márùn-ún àárọ̀ nígbà tó o bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Bẹ́gà, ọ̀gá rẹ tuntun á sì máa wò ọ́. Ó fún wọn ní wákàtí kan lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, lórí ohun tó fi sílẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi sílẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ímeèlì náà, tara rẹ̀ ni, torí pé wọ́n lè ti ti ọ́fíìsì pa lọ́jọ́ kejì. Kò fi àdírẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀ síbẹ̀, torí kò mọ gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù. Kò sì kọ pásíwọ́ọ̀dù kankan síbẹ̀; ọwọ́ ọ̀gá ló fi í lé.

Ohun kan tún wà tí kò kọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù kan, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan bú u rí. Ìyẹn náà ní ibi tá a ti ń sọ ọ́: nínú lẹ́tà tó lọ tààrà sọ́dọ̀ ọ̀gá, pẹ̀lú déètì àti iye. Bó bá kọ ọ́ sínú ìdágbére, òun nìkan làwọn èèyàn máa rántí, wọn ò sì ní rántí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹni ńlá náà ń ṣe é

Ẹ má rò pé nǹkan àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké nìyí. Ọ̀mọ̀wé Akínwùmí Adéṣínà tiwa n tiwa ló darí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà láti ọdún 2015, ó sì lo sáà méjì, ọdún márùn-ún márùn-ún. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, wọ́n dìbò yan Sidi Ould Tah ọmọ Mọriténíà láti rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni ẹni tuntun tó jókòó sórí àga. Oṣù mẹ́ta gbáko ló wà láàárín ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ kúrò. Bí báńkì ṣe nílò oṣù mẹ́ta, ilé búrẹ́dì nílò ọ̀sẹ̀ méjì. Iye ọjọ́ ló yàtọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ṣe é dáadáa? Ẹ wo ìpè tó bá wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń bi yín pé “níbo lo kó o sí?” tàbí “ta ló ni èyí?”, ìwé yín ò kún tó, ẹ tètè dáhùn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn yín kún ìwé. Bó bá jẹ́ “ṣé iṣẹ́ tuntun dáa?” ni wọ́n ń béèrè, ó ti bọ́ sí i nìyẹn.

Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọmọ ilé mìíràn ló máa tẹ ilẹ̀ yẹn lẹ́yìn rẹ nígbà tó bá gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹni tó bá ń múra àtifiṣẹ́ sílẹ̀ tó sì fẹ́ ká jọ wo ìwé tàbí ìdágbére rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, kó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ láti inú gúrúùpù ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù fún ẹnì kan, ẹ pè é lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ bi í pé, “Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Tó o bá ń lọ, ẹ̀dà ìwé tèmi dà?”